Ọmọ tó ń sá fún oúnjẹ lọ́sàn-án, tó ń jẹ ìkòkò tán lóru: ànọrẹ́síà ni, bùlímíà ni, àbí àìsàn àjẹkì?

Àǹtí Ìgbógbó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú àti agbègbè. Ọmọ àbúrò mi ni mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀. Ọmọ ọdún 17 ni, obìnrin, ó wà ní kíláàsì àṣekágbá ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ó tó oṣù mẹ́rin báyìí tí kì í jẹun àárọ̀ mọ́. Tó bá di ọ̀sán, á ní òun ti jẹun nílé ìwé. Tí a bá gbé ẹ̀bà kalẹ̀ lálẹ́, á máa fi ọwọ́ yí òkèlè ká nínú abọ́ títí gbogbo wa á fi jẹ tiwa tán, á wá ní inú òun ti kún.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ìrẹsì tí a fi sílẹ̀ nínú ìkòkò ti tán, odidi búrẹ́dì kan ti lọ, ṣúgà àti mílíìkì náà ti lọ. Ó ń tó ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kò rù, kò sì sanra jù. Bó bá ti jẹun tán, ilé ìwẹ̀ ló ń gbà lọ, á ṣí omi sí bọ́kẹ́ẹ̀tì kó máa dà, kò ní tètè jáde. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú. A rò pé ṣegede ni, a tọ́jú rẹ̀ títí, kò lọ.

Bàbá rẹ̀ ní olè ni. Ìyá rẹ̀ ní ọgbẹ́ inú ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní yunifásítì ní ànọrẹ́síà ni, nítorí kì í jẹun lójú ènìyàn. Èwo ni ká gbà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

Bọ̀dá Ẹ̀bùté

Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yunifásítì yẹn dẹ́rù bà yín. Àwọn tó bá rù kan egungun ni ànọrẹ́síà ń bá jà. Ẹ ní ọmọ yìí kò rù. Ẹni tó bá ń jẹ ìkòkò ìrẹsì tán lóru, àjẹkì ló ń ṣe é. Ẹ ti ilé ìdáná pa lálẹ́, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó parí.

Màmá Ọlọ́jà Ẹpẹ

Ọmọ tí kò lè jẹun, kí ló ń le níbẹ̀? Ẹ ra sirọ́ọ̀pù tó ń jẹ́ kí oúnjẹ wuni fún un, èyí tí àwọn ọmọge fi ń sanra. Ṣíbí kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á yọ.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀dé

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ọmọ náà ní sirọ́ọ̀pù kankan. Oúnjẹ ń wu ọmọ yìí. Ó ń wù ú ju bó ṣe ń wu èmi àti ẹ̀yin lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó bá jẹun tán ni ìdààmú wà.

Àǹtí, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ìwọ̀n ara nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń ya ànọrẹ́síà, bùlímíà àti àìsàn àjẹkì sọ́tọ̀. Ẹni tó ní ànọrẹ́síà ń fi oúnjẹ du ara rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi rẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ fún ọjọ́ orí àti gíga rẹ̀. Bó ṣe ń rù tó, ẹ̀rù pé òun máa sanra kò kúrò lára rẹ̀, tó bá sì wo dígí, ara tó tóbi ló ń rí. Ẹni tó ní bùlímíà ń jẹ oúnjẹ tó pọ̀ gan-an lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò ní lè dá ara rẹ̀ dúró bó tiẹ̀ fẹ́. Ẹ̀rù á wá bà á, á wá ọ̀nà láti fa ohun tó jẹ yọ: á bì í, tàbí á lo oògùn ìyàgbẹ́, tàbí kó fi ebi pa ara rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ kejì, tàbí kó sáré débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Ẹni tó ní àìsàn àjẹkì náà ń jẹ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ kò ka á bẹ́ẹ̀, ìtìjú sì ń bò ó, ṣùgbọ́n kì í wá ọ̀nà láti fa á yọ.

Nítorí náà, bí ìrẹsì bá tán lóru, ẹ kò tíì lè sọ pé bùlímíà ni tàbí àjẹkì. Ilé ìwẹ̀ ló máa sọ. Omi tó ń dà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú lọ́tùn-ún lósì, àti ààwẹ̀ tó ń gbà lọ́sàn-án, gbogbo wọn ń tọ́ka sí bùlímíà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn kì í ṣe ṣegede. Àwọn ẹṣẹ́ tó ń pèsè itọ́ lábẹ́ etí ni ó ń wú nítorí èébì tó ń wá lemọ́lemọ́. Ṣegede máa ń dun ènìyàn, ó máa ń mú ibà wá, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì á sì ti lọ. Èyí kì í sábà dun ènìyàn, kì í lọ bí èébì kò bá dáwọ́ dúró.

Bọ̀dá Ẹ̀bùté, apá kan ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà: bí kò ṣe rù kì í jẹ́ kí wọ́n pe èyí ní ànọrẹ́síà bí wọ́n ṣe ń ṣàpèjúwe rẹ̀ gan-an. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ànọrẹ́síà náà ń jẹ àjẹkì, wọ́n sì ń bì. Tí ara ọmọ yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í fò sílẹ̀, orúkọ àìsàn náà lè yí padà. Ènìyàn sì wà tí ara rẹ̀ tóbi tẹ́lẹ̀, tó fi ebi pa ara rẹ̀ títí ó fi jò gan-an, tí ojú sì ń wò ó bí ẹni tí ara rẹ̀ dá. Inú ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ti bàjẹ́ tó ti ẹni tó rù kan egungun.

Bàbá Ìsàwọ

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé òru ló ń jẹ ẹ́? Kí ló dé tí kò jẹ ẹ́ lọ́sàn-án bí gbogbo ènìyàn?

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀dé

Nítorí ebi ọ̀sán ló ń lé e jáde lóru. Ní ọdún 1944 sí 1945, ní Yunifásítì Minisótà ní Amẹ́ríkà, Ancel Keys àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọkùnrin 36 jọ, gbogbo wọn ní ìlera, wọ́n yọ̀ǹda ara wọn. Wọ́n dín oúnjẹ wọn kù sí bí ìdajì fún oṣù mẹ́fà. Kò pẹ́ tí oúnjẹ fi gba gbogbo ọkàn wọn. Wọ́n ń lá àlá oúnjẹ, wọ́n ń ka ìwé ìdáná, wọ́n ń pẹ́ lórí abọ́ kan kó má bàa tètè tán, inú wọn sì ń bàjẹ́ lórí ohun kékeré. Nígbà tí wọ́n dá oúnjẹ padà fún wọn, àwọn kan nínú wọn jẹ títí wọn kò fi mọ ibi tí wọ́n máa dúró. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó wá síbẹ̀ torí pé ó fẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́.

Ẹ wá wo ọmọ Ìgbógbó yìí. Kò jẹun àárọ̀, kò jẹun ọ̀sán, ó fi ẹ̀bà ṣeré lálẹ́. Tó bá fi di aago kan òru, ara rẹ̀ ti ń pariwo. Ó wọ ilé ìdáná pẹ̀lú èrò pé òun á mú ṣíbí ìrẹsì kan, kò sì lè dúró mọ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ẹ̀rù bà á, ó bì í, ó sì búra pé lọ́la òun kò ní jẹ nǹkan kan. Ìbúra yẹn gan-an ló ń ṣètò àjẹkì ti òru ọ̀la. Bí bàbá rẹ̀ bá wá pè é ní olè láàárọ̀, ìtìjú náà á tún di igi tí wọ́n kó sí ààrò.

Eléyín Tópò

Ọ̀dọ̀ wa lẹ́nu Àgbádárìgì níbí, eyín ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí. Àǹtí, tí ọmọ náà bá gbà kí ẹ wò ó, ẹ ní kó yanu níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà. Ẹ wo ẹ̀yìn eyín iwájú ti òkè, ibi tí ahọ́n ń kàn. Ekan inú tó ń bá èébì jáde ń jẹ ibẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Ẹ ó rí i pé ó ń dán tàbí ó ti pupa rúsúrúsú, etí eyín á tinrín bí abẹ. Tó bá mu omi tútù, á máa fà á. Ẹ wo igun ẹnu rẹ̀ náà, ó lè là.

Ẹ wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, ní oríkèé ìka àkọ́kọ́ àti ìkejì. Egbò kékeré tó le, tó ń jinná tó tún ń yọ, ni ẹ ó rí níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ bá ń fara kan eyín. Dókítà Russell ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ nípa rẹ̀ ní 1979, nígbà tó fún bùlímíà ní orúkọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá rí àpá lọ́wọ́, kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ kò ní i rárá.

Ohun kan tí àwọn ènìyàn ń ṣe láìmọ̀: lẹ́yìn èébì, wọ́n á sáré gbé búrọ́ọ̀ṣì. Ekan náà ti mú ara eyín rọ̀ nígbà yẹn, búrọ́ọ̀ṣì á sì hó o. Kó fi omi lásán yọ ẹnu, kó sì dúró bíi wákàtí kan kó tó fọ̀ ọ́. Mò ń sọ èyí torí pé ìwòsàn gba àkókò, eyín kì í sì í hù padà.

Apòògùn Àjàrà

Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ sirọ́ọ̀pù. Màmá Ẹpẹ, èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn jẹ́ oògùn fún ara yíyún àti ọ̀fìnkìn, ó ń mú oorun wá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń fa kí oúnjẹ wuni. Bí ẹ bá fún ọmọ tó ti ń jẹ àjẹkì ní oògùn tó tún ń fi kún ìfẹ́ oúnjẹ, ẹ kàn fún àìsàn náà ní agbára ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹbí máa wò gan-an ni tíì tí wọ́n ń tà pé ó ń mú ikùn pẹlẹbẹ. Ẹ ka ara páálí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ewé sẹ́nà, ìyẹn ni pé oògùn ìyàgbẹ́ ni wọ́n fi àwọ̀ tíì bò. Ọmọ á rò pé òun ń da oúnjẹ nù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ìfun kékeré ni ara ti gba oúnjẹ, ìfun ńlá ni oògùn náà sì ń tì. Omi àti iyọ̀ ara ló ń jáde, pàápàá pọtásíọ̀mù, èyí tí ọkàn fi ń lù bó ṣe yẹ. Bó bá sì dáwọ́ dúró, ara á gba omi padà, ọmọ á wú díẹ̀, á sì ní òun ti sanra, á tún ra òmíràn.

Tí ẹ bá ń kó ìdọ̀tí lọ sódò tàbí sínú ọkọ̀ ìdọ̀tí, páálí tíì tó ń pọ̀, ọ̀rá oògùn ìyàgbẹ́, àti ọ̀rá búrẹ́dì tí wọ́n ká kékeré kékeré tí wọ́n fi nǹkan mìíràn bò mọ́lẹ̀, ẹ má fojú fò wọ́n.

Alájọṣe Ẹpẹ

Ti èmi yàtọ̀ díẹ̀. Àna mi ọkùnrin ni, ẹni ọdún 34. Ó tóbi. Ó ń jẹ búrẹ́dì mẹ́ta nínú ọkọ̀ rẹ̀ tó bá ti padà láti Ìtòíkìn, á sì wọlé wá jẹ àmàlà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí kò tíì jẹun láti àárọ̀. Ìyàwó rẹ̀ rí ọ̀rá búrẹ́dì lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀. Kì í bì. Ṣé ọ̀jẹun lásán kọ́ nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀dé

Alájọṣe, ẹ má pè é ní ọ̀jẹun. Ẹni tó bá jẹ àsè àjẹyó ní òde ìyàwó ń gbádùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ènìyàn ń rí i. Àna yín ń sá pamọ́ jẹun. Àwọn àmì tí wọ́n fi ń mọ àìsàn àjẹkì nìyí: ó ń yára jẹ ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń jẹ títí inú rẹ̀ fi ń dùn ún, ó ń jẹ bí ebi kò tiẹ̀ pa á, ó ń dá nìkan jẹ nítorí ìtìjú, tó bá sì tán, ó ń kórìíra ara rẹ̀. Tó bá rí mẹ́ta nínú wọn, tó sì ń ṣẹlẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, àwọn dókítà á ka á sí àìsàn. Láti ọdún 2013 ni ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń lò ti fún un ní àyè tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àìsàn. Àwọn ọkùnrin ń ní i dáadáa. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé ti obìnrin ni.

Bí ẹ bá fi òògùn tí ń dín ara kù tàbí ààwẹ̀ lé e, yóò burú sí i, torí ebi ni yóò tún kó o padà sínú ọkọ̀. Oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ tó ń bọ̀ ní àkókò kan náà ló ń kọ́kọ́ dín àjẹkì kù. Ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn ìjọba Ẹpẹ.

Ọmọ Álífà

Ẹ gbà mí láyè. Ọmọ ilé wa kan ń gba ààwẹ̀ ní gbogbo Ajé àti Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn Ràmàdáánì pàápàá. Ó ti tẹ́ẹ́rẹ́. A ń yìn ín pé ó ṣe ẹ̀sìn. Ààwẹ̀ kì í ṣe àìsàn, ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́?

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀dé

Ààwẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ohun tí ẹ máa wò ni àkókò ìṣínu. Ẹni tó ń gba ààwẹ̀ fún Ọlọ́run máa ń yọ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀, á jẹ dàbínù, á jẹ oúnjẹ gidi. Ẹni tí àìsàn ń lo ààwẹ̀ fún máa ń wá àwáwí nígbà ìṣínu: orí ń fọ́ mi, mo ti jẹ ní mọ́ṣáláṣí. Ó máa ń fi ọjọ́ kún un, ó ń wọn ara rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, òtútù sì ń mú un bí oòrùn tiẹ̀ ń ràn. Nínú ìjọ náà, ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ 21 lè bo irú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọmọ Álífà

Òtútù ń mú un lóòótọ́. Sùwẹ́tà ló ń wọ̀ ní oṣù kẹta. Ìwé mímọ́ wa sì yọ̀ǹda fún aláìsàn pé kó má gba ààwẹ̀, kó san án nígbà mìíràn. Màá bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀dé

Ọmọ Álífà, èyí tí ẹ sọ yìí ló bà mí lẹ́rù jù lóde òní. Ẹ wò bóyá irun wẹ́wẹ́ rírọ̀ ń hù ní ẹ̀yìn àti apá rẹ̀. Tó bá jẹ́ obìnrin, ẹ béèrè nǹkan oṣù rẹ̀ lọ́nà ọgbọ́n. Ẹ má wá fi tipátipá kó abọ́ iyán ńlá fún un. Ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹun fún ọjọ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n bá kó oúnjẹ púpọ̀ fún un lójijì, fọ́sífeetì àti pọtásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀, ọkàn rẹ̀ á lè dáwọ́ dúró. Ilé ìwòsàn ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tí wọ́n sì ń fún un ní fítámìn B1 ṣáájú.

Àǹtí Ìgbógbó

Nọ́ọ̀sì, mo ti wo eyín. Ẹ̀yìn eyín òkè ti ń pupa lóòótọ́. Kí ni mo máa ṣe lọ́la tí ilẹ̀ bá mọ́? Ìyá rẹ̀ ṣì ń fún un ní oògùn ọgbẹ́ inú.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀dé

Ẹ má bínú sí ìyá rẹ̀. Ọgbẹ́ inú náà ń mú èébì wá, àmọ́ kì í mú kí ènìyàn sá pamọ́ jẹ ìkòkò ìrẹsì. Ẹ ṣáà jẹ́ kí wọ́n yẹ àwọn nǹkan mìíràn wò, torí oyún, ìtọ̀ ṣúgà àti ikọ́ ife lè jọ ọ́. Ẹni tó ń rù tó tún ń mumi púpọ̀ tó ń tọ̀ lemọ́lemọ́, ẹ yára gbé e lọ fún àyẹ̀wò ṣúgà.

Ní àárọ̀ ọ̀la, kó tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀ níhà àtàǹpàkò, ẹ wo aago, ẹ ka bí ọkàn ṣe ń lù fún odidi ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ka ìdajì kí ẹ fi ṣe ìlọ́po méjì, torí lílù tó ń fò ni ẹ tún ń wá. Tó bá wà lábẹ́ 50, tàbí tó ń fò, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ní kó lóṣòó nílẹ̀ kó dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan. Ọmọ ọdún 17 tó ní ìlera á ṣe é bí eré. Tí kò bá lè dìde, tàbí tó gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ti orúnkún, iṣan rẹ̀ ti ń lọ. Ẹ sáré lọ náà tó bá dákú, tí àyà rẹ̀ ń já pàrà-pàrà, tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú èébì, tàbí tó bá sọ pé òun kò fẹ́ wà láyé mọ́.

Tó bá jẹ́ pé kò sí ìkankan nínú wọn, ẹ fi ìfọ̀kànbalẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí oúnjẹ kò sí níwájú yín. Ẹ má sọ pé "o ti rù", ẹ má sọ pé "o ti dára báyìí, o ti ní ẹran lára". Méjèèjì ló ń gbọ́ sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara. Ẹ lè sọ pé: "Mo rí i pé lẹ́yìn oúnjẹ o máa ń pẹ́ nílé ìwẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ sì wú. Mi ò bínú. Mo fẹ́ ká jọ lọ rí dókítà." Bó bá sẹ́, ẹ má jiyàn. Ẹ padà wá bá a lọ́jọ́ kejì.

Lẹ́yìn náà ẹ dá oúnjẹ padà sí àkókò rẹ̀: mẹ́ta lójúmọ́, pẹ̀lú ìpápánu méjì tàbí mẹ́ta láàárín, kó má jẹ́ pé ó kọjá wákàtí mẹ́rin láìjẹ nǹkan. Ẹnì kan jókòó tì í nígbà tó ń jẹun, kó sì wà pẹ̀lú rẹ̀ fún wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n fọ abọ́ tàbí kí wọ́n wo fíìmù, láìsọ̀rọ̀ oúnjẹ. Wákàtí yẹn ni ilé ìwẹ̀ ń pè é jù. Ẹ gbé òṣùwọ̀n kúrò nílé.

Bọ̀dá Ẹ̀bùté

Mo gba ìyẹn, ṣùgbọ́n mi ò tíì gba pé ká má ti ilé ìdáná pa. Ẹ ò lè fi ọtí sí iwájú ọ̀mùtí.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀dé

Ọ̀tọ̀ ni ọtí, ọ̀tọ̀ ni oúnjẹ. Ènìyàn lè wà láìmu ọtí títí láé. Tí ẹ bá ti ilé ìdáná pa fún ọmọ tí ebi ń pa, ẹ kàn ń mú ebi náà pẹ́ ni. Á gbà á ní ìta, láti ọ̀dọ̀ ìyá oníbúrẹ́dì. Bó ti wù kó rí, mo mọ àwọn ẹbí tí wọ́n jọ gbà pẹ̀lú ọmọ náà fúnra rẹ̀ pé kí wọ́n má fi ìrẹsì tó pọ̀ sílẹ̀ lóru fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí ọmọ bẹ̀ yín pé kí ẹ bá òun pa á mọ́, àti kí bàbá fi kọ́kọ́rọ́ jẹ ẹ́ níyà.

Apòògùn Àjàrà

Lórí èyí, èmi àti Nọ́ọ̀sì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wa mu. Èmi kò ní fara mọ́ pípa á mọ́ láé, àní bí ọmọ bá bẹ̀bẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀.

Bàbá Ìsàwọ

Ibo gan-an ni kí wọ́n mú un lọ? Tí wọ́n bá ti gbọ́ Yábàá, ìyá rẹ̀ á ní ọmọ òun kì í ṣe wèrè.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀dé

Ilé ìwòsàn ìjọba Ìkòròdú ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ. Kí wọ́n bẹ̀ dókítà pé kó yẹ pọtásíọ̀mù, fọ́sífeetì àti ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ tó ń ya lílù ọkàn sórí ìwé wò ó. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń bì lè dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan lónìí, kó sì burú ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí náà àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Ìwé ìtọ́sọ́nà látọ̀dọ̀ wọn ló máa gbé e lọ sí ẹ̀ka ọpọlọ ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Ìkẹjà tàbí Yábàá. Yábàá ń rí ọmọdé àti ọ̀dọ́, ọ̀pọ̀ wọn sì ń lọ láti ilé wọn tí wọ́n ń padà lọ́jọ́ náà. Ìtọ́jú onísọ̀rọ̀ tó ní ètò ni òpó ìwòsàn bùlímíà. Fún ọ̀dọ́, àwọn òbí ló máa ń wà nínú rẹ̀. Oògùn kan wà tí dókítà lè fi kún un, ẹ má fúnra yín rà á.

Láàárín ìgbà yìí, ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ kọ ọjọ́, aago tí ilé ìdáná ṣí, aago tó wọ ilé ìwẹ̀ àti bó ṣe pẹ́ tó, iye lílù ọkàn láàárọ̀, ọjọ́ nǹkan oṣù. Ọmọ náà á sọ fún dókítà pé kò sí nǹkan kan. Ìwé yẹn ni dókítà á kà.

Àǹtí Ìgbógbó

Mo ti ra ìwé. Bàbá rẹ̀ ní òun kò ní gbà kó lọ sí Yábàá, Ìkẹjà lòun gbà. A ó bẹ̀rẹ̀ láti Ìkòròdú ní ọjọ́ Ajé. Ta ló mọ ọjọ́ tí dókítà ọpọlọ ń jókòó ní Ìkẹjà, kí a má bàa lọ kí a bá ìlẹ̀kùn títì?

Eléyín Tópò

Ó máa ń yí padà, Àǹtí. Ẹ béèrè ní ibi tí wọ́n ti ń gba káàdì ní Ìkòròdú, kí wọ́n bá yín pè wọ́n kí ẹ tó wọkọ̀.